Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ àbí ti inú àdúgbò: ìdáhùn fún onídìrí tó fẹ́ dá dúró

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, màmá wa. Mo ti kọ́ iṣẹ́ onídìrí parí, mo sì fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù tèmi, èmi àti ọmọṣẹ́ kan, pẹ̀lú àga méjì. Ejẹ́ǹtì fi ṣọ́ọ̀bù méjì hàn mí. Ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ níbi tí èrò kì í dá, èkejì wà nínú àdúgbò, ṣùgbọ́n owó ti ibùdókọ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta ti inú àdúgbò. Gbogbo ènìyàn ní ibi tí èrò bá wà ni owó wà. Ṣé kí n yáwó kún tọwọ́ mi kí n gba ti ibùdókọ̀? Báwo ni mo sì ṣe lè bá onílé sọ̀rọ̀ tí yóò fi dín owó rẹ̀ kù?

Ìdáhùn: Ẹ má yáwó. Ìbéèrè yìí ti ń sú mi í dáhùn, kì í ṣe nítorí ẹ̀yin tí ẹ bèèrè, bí kò ṣe nítorí àwọn tí ń fi ọ̀rọ̀ "ibi tí èrò bá wà" ti àwọn ọ̀dọ́ onídìrí sínú gbèsè. Ẹni tó ń ta omi tútù lè tà fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn láàárín wákàtí kan, nítorí náà gbogbo ẹsẹ̀ tó bá kọjá níwájú rẹ̀ ló wúlò fún un. Ohun tí onídìrí ń tà ni wákàtí lórí àga. Àga yín jẹ́ méjì, wákàtí tí ẹ fi ń ṣí ṣọ́ọ̀bù sì ní ìwọ̀n, bí ẹgbẹ̀rún ènìyàn tilẹ̀ ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ẹ bá ń ṣí fún wákàtí 10 lójúmọ́, tí irun kan sì ń gba wákàtí méjì ààbọ̀ ní ìpíndọ́gba (irun dídì máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ, fífọ àti gbígbẹ kì í tó bẹ́ẹ̀), àga kan kò lè ṣe ju orí 4 lọ lóòjọ́, àga méjì kò sì lè ṣe ju 8. Ìyẹn tún jẹ́ bí oníbàárà kankan kò bá pẹ́ dé, tí iná kò sì lọ. Lójú ayé, ẹni tó bá ṣe 5 nínú 8 ti ṣe dáadáa. Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ 26 lóṣù, ìyẹn jẹ́ orí 130, nígbà tí ọwọ́ yín bá ti kún. Ní ìbẹ̀rẹ̀, orí 2 lóòjọ́ ni kí ẹ fi ṣírò, èyí tó jẹ́ 52 lóṣù, nítorí ọjọ́ tí a ṣí ṣọ́ọ̀bù kọ́ ni àwọn ènìyàn ń gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ ẹni.

Nísinsìnyí, ẹ fi orí ka owó ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí mo pè ní orí kan ni èyí tó kù lọ́wọ́ yín lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ owó èròjà àti ti ọmọṣẹ́ kúrò nínú ohun tí oníbàárà kan san. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ iye tiyín, nítorí náà àpẹẹrẹ ni èyí jẹ́. Ká ní owó ṣọ́ọ̀bù inú àdúgbò, tí a bá pín in sí oṣù, jẹ́ orí 20, ti ibùdókọ̀ yóò jẹ́ 60. Ní àwọn oṣù tí ẹ ń ṣe orí 52, ti inú àdúgbò yóò ṣẹ́ 32 kù fún yín, ti ibùdókọ̀ yóò sì mú yín jẹ gbèsè orí 8 kí ẹ tó ra epo jẹnẹrétọ̀ kankan. Bí ó bá tún jẹ́ owó yíyá lẹ fi gbà á, èlé yóò wà lórí gbèsè náà. Nígbà tí ọwọ́ yín bá kún pátápátá, orí 130 náà ni ẹ óò ṣe níbi méjèèjì, nítorí àga kò pọ̀ sí i.

Àwọn kan yóò sọ pé ọwọ́ máa ń tètè kún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń kọjá ni ká kà. Ẹni tó ń sáré wọ ọkọ̀ ní àárọ̀ kò ní jókòó fún wákàtí mẹ́ta, ẹni tó sì ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ń wá bí yóò ṣe délé. Àwọn tó ń jókòó ṣe irun ni àwọn tó ń gbé tàbí tó ń ṣiṣẹ́ ní ìtòsí, tí wọ́n lè padà wá bí irun bá gbó. Ẹ lọ jókòó sí ọ̀kánkán ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan fún wákàtí kan láàárín ọ̀sẹ̀ àti wákàtí kan ní ọjọ́ Sátidé, kí ẹ sì ka kìkì àwọn tó jọ oníbàárà yín, tí wọ́n ń rìn jẹ́jẹ́, tí wọ́n sì ń wo ìsọ̀ bí wọ́n ti ń lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ wo inú ìsọ̀ àwọn onídìrí tó wà ní agbègbè náà: bí àga wọn bá kún tí àwọn kan tún ń dúró, iṣẹ́ wà níbẹ̀, bí àga bá ṣófo níwájú èrò tó pọ̀ tó yẹn, ẹ ti rí ìdáhùn. N kò sọ pé ibùdókọ̀ burú fún gbogbo iṣẹ́ irun o. Gẹ́rígẹ́rí tó ń parí orí kan ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lè jẹun níbẹ̀ dáadáa, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ní àga mẹ́wàá àti ọwọ́ tí yóò ṣiṣẹ́ lórí wọn.

Ohun kan ṣoṣo tó lè yí ìṣirò yìí padà ni iná, òun sì ni ẹ kò bèèrè nípa rẹ̀ rárá. Diráyà tí oníbàárà ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ máa ń fa nǹkan bíi 1,000 wáàtì, ti ọwọ́ lè fa 1,500 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀rọ tí ń mú omi gbóná náà sì lè fa 1,500. Diráyà ìjókòó méjì, ti ọwọ́ kan àti ẹ̀rọ omi kan ti di 5,000 wáàtì. Níbi tí iná bá ti jẹ́ 230 fóòtì, ìyẹn ń fa nǹkan bí áńpù 22, èyí tí wáyà tínrín tí ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta jọ ń lò kò lè gbé. Bíréékà yóò máa já, tàbí kí wáyà máa gbóná láìsí ẹni tó mọ̀, ìyẹn ló sì léwu jù.

Iná tó wà ṣùgbọ́n tí kò lágbára tún ń jẹ àkókò yín. Bí fóòtì bá sọ̀ kalẹ̀ láti 230 sí 180, diráyà 1,000 wáàtì kò ní mú ooru ju ti nǹkan bíi 610 lọ, nítorí ooru máa ń dín kù ju bí fóòtì ti dín kù. Irun tó yẹ kó gbẹ ní ogójì ìṣẹ́jú yóò wá gba wákàtí kan ó lé díẹ̀, àga yóò sì wà lábẹ́ oníbàárà kan ṣoṣo ní gbogbo àkókò náà. Nítorí náà, kí ẹ tó san ohunkóhun, ẹ gbé diráyà yín lọ síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí gbogbo ilé ń lo iná, ẹ tàn án, kí ẹ sì wo gílóòbù. Bí gílóòbù bá ṣú bí diráyà ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹ pe oníṣẹ́ iná kó fi ẹ̀rọ rẹ̀ wọn fóòtì, kó sì wo bí wáyà ti nípọn tó. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ má ṣe tú sọ́kẹ́ẹ̀tì fúnra yín. Ẹ bèèrè pẹ̀lú bóyá mítà jẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù náà nìkan, àti bóyá gbèsè wà lórí rẹ̀.

Ká padà sí ìṣirò wa. Bí ẹ óò bá máa lo jẹnẹrétọ̀ fún wákàtí 10 lójúmọ́ nínú àdúgbò, tó sì ń mu lítà kan ní wákàtí kan, tí owó orí kan sì ń ra lítà 10, orí 26 lóṣù ni epo yóò jẹ. Orí 6 ni yóò kù nínú 32 ti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ọwọ́ bá kún, 130 yóò ṣẹ́ 84 kù, nígbà tí ti ibùdókọ̀ yóò ṣẹ́ 70 kù, bí iná kò bá lọ níbẹ̀ rárá. Ti inú àdúgbò ṣì ga, ṣùgbọ́n àlàfo rẹ̀ ti dín kù gan-an. Bí diráyà bá sì tún ń lọ́ra níbẹ̀, ẹ wá ṣọ́ọ̀bù kẹta. Kì í ṣe dandan kí ẹ mú ọ̀kan nínú méjì tí ejẹ́ǹtì fi hàn yín.

Ní ti bíbá onílé sọ̀rọ̀, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí dídín owó kù. Onílé kì í fẹ́ kí ayálégbé mìíràn gbọ́ pé òun dín owó, ṣùgbọ́n ó lè fún yín ní àkókò. Ẹ sọ fún un pé: "Ẹ jọ̀wọ́, n óò san iye tí ẹ dá, ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi oṣù méjì fa omi, kí n sì tún wáyà ṣe, ẹ jẹ́ kí owó bẹ̀rẹ̀ sí í kà lẹ́yìn rẹ̀." Nínú ọdún kan, oṣù méjì jẹ́ ìdámẹ́fà owó náà, kò sì sí aládùúgbò tí yóò gbọ́ pé iye ti yí padà.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọdún àkọ́kọ́. Bí ẹ bá ti fa páìpù, tí ẹ lẹ táìsì, tí àwọn oníbàárà sì ti mọ ọ̀nà ibẹ̀, onílé mọ̀ pé kò rọrùn fún yín láti kó kúrò, ìgbà yẹn ni owó ń fò sókè. Ẹ jẹ́ kí ìwé àdéhùn sọ iye ọdún tí ẹ ní, kó sọ pé ẹ̀yin lẹ ní ẹ̀tọ́ láti tún un gbà bí ẹ kò bá jẹ gbèsè, kó sì sọ iye tí owó lè fi lé sí i, bí àpẹẹrẹ, pé kò ní ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Kó kọ ọ́ pé báásíìnì, dígí àti diráyà jẹ́ tiyín, ẹ sì lè tú wọn lọ. Kó tún sọ ibi tí jẹnẹrétọ̀ yóò máa wà, ní ìta gbangba. Èéfín rẹ̀ ń pa ènìyàn, nítorí náà ẹ kò gbọdọ̀ gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, bí onílé tilẹ̀ gbà. Ìlérí ẹnu kò kún ohunkóhun, ti ejẹ́ǹtì pàápàá. Òfin ilé yíyá kò rí bákan náà níbi gbogbo, n kò sì rí ìwé tiyín, nítorí náà ẹ san owó fún agbẹjọ́rò kó kà á kí ẹ tó fọwọ́ sí i, kó sì wádìí pé ẹni tó ń gbowó ló ni ilé.

Ẹ dá ejẹ́ǹtì lóhùn pé ẹ kò gba ti ibùdókọ̀, kí ẹ sì ní kó wá ṣí ti inú àdúgbò fún yín ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, kí ẹ lè tan diráyà. Bí ó bá ní ẹlòmíràn ti fẹ́ san owó rẹ̀ lọ́la, ẹ jẹ́ kó san án.