Yíyan bọ́sìbáà fún ilé alájà 15

Ìbéèrè: Ilé alájà 15, fílátì 4 ní àjà kọ̀ọ̀kan. Bọ́sìbáà wo ló máa gbé iná gòkè tí fólítéèjì ò fi ní rọ̀ lókè?

Ká ní fílátì kan ń gba 10 kW. Gbogbo 60 jẹ́ 600 kW, àmọ́ wọn kì í lo iná tán lẹ́ẹ̀kan náà, torí náà fi 0.4 sọ ọ́ di púpọ̀: 240 kW. Lórí fésì mẹ́ta, 400 V, pf 0.9, ó jẹ́ 385 A nísàlẹ̀. Èmi á mú bọ́sìbáà 630 A, kì í ṣe 400 A. Ní Èkó, bí NEPA bá múná dé, gbogbo fíríìjì, ẹ́síì àti ínfátà á jọ gbéra, bí 0.4 bá di 0.6, 577 A nìyẹn.

Má gbé 0.4 dé òkè o! Bí iye fílátì bá ṣe ń dín kù ni ìdá náà ń ga. Fún 4 péré, 1 ni. Bí fílátì bá jẹ́ ti fésì kan, 4 ò ṣeé pín sí 3 dọ́gba: fésì kan á gbé fílátì 2, bíi 97 A. Fíùsì tí wọ́n fi 0.4 yàn, bíi 40 A, á máa já ṣáá. Máa yí fésì tó ń gbé méjì padà láti àjà dé àjà.

Fólítéèjì ńkọ́? Ká ní ìwé olùṣe kọ ọ́ pé fólítéèjì ń rọ̀ ní 0.2 mV/A/m. Láti yàrá pánẹ́ẹ̀lì, 20 m:

```
385 × 20 × 0.2 ÷ 1000 = 1.5 V
```

Lórí 45 m tó gòkè, ẹrù ń já ní àjà kọ̀ọ̀kan, torí náà ìdajì ni ká kà: 1.7 V. Àpapọ̀ kò tó 1%. BS 7671, ìlànà wáyà iná ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fàyè gba 3% fún gílóòbù, 5% fún ìyókù, títí dé ojú ohun èlò. Wáyà inú fílátì ló máa jẹ èyí tó kù.