Fọ́wọ́ọ̀dù dọ́là sí pọ́n-ùn: èlé kọ́ ló gbé réètì yẹn dé 1.2580

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, iléeṣẹ́ wa ní Mańsẹ́sítà máa gba 200,000 dọ́là lọ́wọ́ kọ́sítọ́mà kan ní Amẹ́ríkà ní 90 ọjọ́ sí i. Sípọ́ọ̀tù GBP/USD jẹ́ 1.2500 lónìí, báńkì wa pe fọ́wọ́ọ̀dù ní 1.2580, wọ́n ní èlé ló fà á. Èlé dọ́là 4%, ti pọ́n-ùn 5%. Ṣé ohun tí wọ́n ń sọ ni pé pọ́n-ùn máa gòkè? Ṣé kí n gbà á?"

Àbúrò mi, dúró ná, má tíì fọwọ́ sí nǹkan kan. Ẹni tó sọ fún ẹ pé èlé ló gbé réètì yẹn dé 1.2580 ò sọ òótọ́, tàbí kó jẹ́ pé òun gan-an ò mọ̀ ọ́n. Sípọ́ọ̀tù ni réètì tí wọ́n fi ń ṣẹ́ owó lónìí, fọ́wọ́ọ̀dù ni réètì tẹ́ ẹ fi àdéhùn dè lónìí fún owó tẹ́ ẹ máa ṣẹ́ lọ́jọ́ iwájú. Tí èlé pọ́n-ùn bá ju ti dọ́là lọ, ìsàlẹ̀ sípọ́ọ̀tù ni fọ́wọ́ọ̀dù GBP/USD máa ń wà. Òkè ni tìẹ wà. Ìyẹn nìkan ti tó kó o gbé fóònù kó o pè wọ́n.

Fọ́wọ́ọ̀dù kì í ṣe àsọtẹ́lẹ̀ rárá. Kò sẹ́ni tó jókòó ní báńkì tó ń wò ó pé ibo ni pọ́n-ùn máa wà lóṣù mẹ́ta sí i. Ohun tí wọ́n ń ṣe nìyí, ìwọ náà lè fi bírò ṣe é. Ká ní o lọ yá dọ́là lónìí, ìwọ̀n tó jẹ́ pé tí èlé bá gun orí ẹ̀ fún 90 ọjọ́ á di 200,000 géérégé. 4% lọ́dún, ọjọ́ 90 nínú 360, 1% nìyẹn, torí náà 198,019.80 dọ́là lo máa yá. Ṣẹ́ ẹ lójú ẹsẹ̀ ní 1.2500, ó di 158,415.84 pọ́n-ùn. Kó pọ́n-ùn yẹn síbi tó ń mú 5% wá, ọjọ́ 90 nínú 365, nígbà tọ́jọ́ bá pé ó ti di 160,369. Kọ́sítọ́mà ẹ san 200,000 ẹ̀, o fi san gbèsè dọ́là tó o jẹ, ó tán, pọ́n-ùn ẹ ti wà nílẹ̀ látọjọ́ kìíní, ibi yòówù tí réètì ì báà sáré lọ láàárín ìgbà yẹn ò kàn ẹ́. Fọ́wọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ fún ẹ ní iye tó bá èyí dọ́gba, torí tí kò bá dọ́gba, àwọn olówó ńlá á yá apá kan, wọ́n á kó o sí apá kejì, wọ́n á máa jẹ èrè láìfarapa títí réètì á fi padà síbi tó yẹ kó wà. Òun ni wọ́n ń pè ní kọ́fáàdì íńtárẹ́sìtì párítì. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Tó o bá wá fẹ́ ṣe é ní ìlà kan, F ni fọ́wọ́ọ̀dù, S ni sípọ́ọ̀tù, r ni èlé ọdún, d ni iye ọjọ́:

```
F = S × (1 + r_USD × d/360) / (1 + r_GBP × d/365)
F = 1.2500 × 1.0100 / 1.01233 = 1.2471
```

200,000 pín sí 1.2471 jẹ́ 160,372 pọ́n-ùn. Pọ́n-ùn 3 tó fi yàtọ̀ sí ti òkè yẹn, nítorí pé mo gé réètì náà sí nọ́ńbà mẹ́rin lẹ́yìn pọ́íntì ni. Wo bí dọ́là ṣe wà lókè, tí pọ́n-ùn wà nísàlẹ̀: bí wọ́n ṣe ń pe réètì náà ni, dọ́là mélòó ní pọ́n-ùn kan. Tó o bá yí i sódì wàá rí 1.2529, wàá sì rò pé báńkì sọ òótọ́. Dọ́là ń ka 360 ọjọ́ fún ọdún, pọ́n-ùn ń ka 365, má dà wọ́n pọ̀. Má sì gbàgbé láti pín èlé ọdún sí iye ọjọ́ ẹ, ẹni tó bá fi 4% àti 5% bẹ́ẹ̀ sínú ẹ̀ máa rí 1.2381, á wá lọ máa bá báńkì jà lórí nǹkan tí kò sí. Réètì èlé wo lo máa lò? Ti oṣù mẹ́ta tó bá SOFR lọ fún dọ́là, tó bá SONIA lọ fún pọ́n-ùn; àwọn méjèèjì ni réètì èlé tí ọjà ń lò fún yíyá owó mọ́jú. Ìwé tàbí fídíò tó bá ṣì ń sọ̀rọ̀ Láíbọ̀, réètì tí wọ́n ń lò ṣáájú wọn, ti àtijọ́ ni, wọ́n ti pa á tì.

Ní 1.2580 tí wọ́n pè fún ẹ, 158,983 pọ́n-ùn ni wàá gbà. 1,389 pọ́n-ùn ló wọ àpò wọn. Mi ò ní kí báńkì má jẹ èrè, tí wọ́n bá pè é ní 1.2490 mi ò ní bá wọn jà, àmọ́ kéèyàn fi èrè ara ẹ̀ pamọ́ sábẹ́ èlé, ìyẹn ló ń bí mi nínú. Wọ́n mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa ò ní ṣírò ẹ̀. Bí wàá ṣe mú wọn ni pé kó o bi wọ́n léèrè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: sípọ́ọ̀tù wo lẹ lò, pọ́íntì fọ́wọ́ọ̀dù mélòó lẹ fi lé e tàbí lẹ yọ kúrò? Tìẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ yíyọ, bíi pọ́íntì 29, ìyẹn 0.0029. Tí wọn ò bá fẹ́ pín in sí méjì fún ẹ, pe ibòmíì.

Ohun tó fà á tí mo fi ń kọ gbogbo èyí ni nǹkan tí ò sí nínú fọ́múlà yẹn, tí ẹnì kankan ò sì sọ fún mi.

Lọ́dún 2022 a rán aṣọ orí ìtàgé fún àwọn kan ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ 150,000 dọ́là, wọ́n máa san án ní ìparí oṣù Kọkànlá. Ìparí oṣù Kẹjọ ni mo ta dọ́là yẹn ní fọ́wọ́ọ̀dù ní 1.18, ìyẹn 127,119 pọ́n-ùn. Bùrókà ni mo lò, kì í ṣe báńkì, torí ìwé wọn yá. Wọ́n gba 5% dání, mo fọwọ́ sí i, mo rò pé ó ti parí. Ọ̀gbẹ́ni tó bá mi ṣe é sọ pé "fọkàn balẹ̀ sir, ẹ ti lọ́ọ̀kì ẹ̀." Mo sì fọkàn balẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ọ̀, 23 oṣù Kẹsàn-án, mínísítà ètò ìnáwó, Kwasi Kwarteng, jáde, ó kéde pé òun máa gé owó orí láìsọ ibi tí owó tó máa dí i ti ń bọ̀. Pọ́n-ùn bẹ̀rẹ̀ sí í já. Kílẹ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè tó mọ́ ó ti kan nǹkan bíi 1.035, kò tíì lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí sí dọ́là. Inú mi tiẹ̀ dùn díẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ọ nínú rédíò, mo ní dọ́là la máa gbà, kí ló kàn wá. Ká tó dé ṣọ́ọ̀bù, ímeèlì ti wọlé. Ní 1.07, 150,000 dọ́là á jẹ́ 140,187 pọ́n-ùn ní ọjà, èmi sì ti ṣèlérí láti tà á ní 127,119, nítorí náà lójú bùrókà, mo ti jẹ gbèsè 13,068 lórí ìwé. Wọ́n ní kí n san 13,000 pọ́n-ùn máájìnnì, ìyẹn owó ìdógò tí wọ́n máa mú dání, kó tó di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n máa pa kọ́ńtírààtì náà dé, wọ́n á sì kọ gbèsè yẹn sí mi lọ́rùn gidi.

Ọjọ́ Mọ́ńdè o. Owó oṣù àwọn aránṣọ mẹ́fà máa jáde lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀. Mo jókòó sórí àpótí aṣọ, mo ń pe ọ̀gbẹ́ni yẹn, ohun tó ń sọ ni pé "ó wà nínú àdéhùn tẹ́ ẹ fọwọ́ sí." Òótọ́ ni, ojú ìwé kọkànlá, mo lọ wò ó. Nǹkan tí mo ń gbìyànjú láti ṣàlàyé fún un ni pé mi ò pàdánù kọ́bọ̀ kan: ínfọ́ìsì dọ́là tó wà lọ́wọ́ mi ti gbówó lórí sí i gẹ́lẹ́ bí fọ́wọ́ọ̀dù náà ṣe ń pàdánù. Apá méjèèjì dọ́gba. Àmọ́ ínfọ́ìsì kì í fún èèyàn lówó lójoojúmọ́, oṣù Kọkànlá ló máa san, fọ́wọ́ọ̀dù ẹlẹ́máájìnnì sì ń bèèrè owó lónìí. Ibi tí mo ti fẹ́ kú nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ló yá mi 8,000, mo kó ìyókù nínú owó VAT tó yẹ kí n tọ́jú, agogo mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú ni mo san án. Mi ò jẹun lọ́jọ́ náà.

Wọ́n dá owó máájìnnì yẹn padà. Kọ́sítọ́mà san lásìkò, sípọ́ọ̀tù sì ti padà sí nǹkan bíi 1.20 nígbà yẹn, tí n ò bá ṣe hẹ́jì ni, tí n ò lọ́ọ̀kì réètì náà ṣáájú, 125,000 ni mi ò bá rí gbà. Èmi tí mo ṣe hẹ́jì gba 127,119. Ìṣirò mi tọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, síbẹ̀ ó ku díẹ̀ kí ṣọ́ọ̀bù wọlẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́jọ nítorí owó ọwọ́.

Torí náà, kó o tó bá wọn dòwò pọ̀, bi wọ́n bóyá wọ́n ń pe máájìnnì, réètì wo ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í pè é, wákàtí mélòó ni wọ́n máa fún ẹ, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ímeèlì. Ṣírò tìẹ: ní 1.2471 o ń retí 160,372. Tí pọ́n-ùn bá já sí 1.15, 200,000 yẹn á di 173,913 ní ọjà, ìyàtọ̀ 13,541. Ṣé ẹ lè gbé iye yẹn kalẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo? Tí ẹ ò bá lè gbé e kalẹ̀, wá báńkì tó máa fi kírédíìtì iléeṣẹ́ yín dúró fún un láìpe máájìnnì, kódà tí réètì wọn bá fi pọ́íntì mẹ́wàá burú jù, mo fara mọ́ ọn.

Ẹnì kan lè sọ pé kó o má lo fọ́wọ́ọ̀dù, kó o kàn yá dọ́là kó o ṣe bí mo ṣe ṣàlàyé lókè. Ìyẹn dọ́gba fún báńkì tó ń yá owó ní 4%. Ìwọ ńkọ́? Tí wọ́n bá yá ẹ ní 9%, tí àkáǹtì ìfowópamọ́ ẹ sì ń mú 3% wá, pọ́n-ùn tó kù sí ẹ lọ́wọ́ á jẹ́ 157,637, ó burú ju 1.2580 tí wọ́n fẹ́ fi rẹ́ ẹ jẹ pàápàá lọ.

Ẹni tó bá sì ń ka èyí láti Naijíríà, má fi fọ́múlà yìí lé náírà kó o máa retí pé ó máa bá ọjà mu. Ohun tó ń mú kó ṣiṣẹ́ ni pé ẹnikẹ́ni lè yá níhìn-ín kó sì kó o lọ sọ́hùn-ún. Níbi tí wọ́n bá ti ń dènà dọ́là, ìdọ́gba yẹn ò sí. Ní oṣù Kẹfà 2023 tí wọ́n tú náírà sílẹ̀, ó kúrò ní nǹkan bíi 470 kọjá 600 lọ́jọ́ kan, kò sí èlé tó lè ṣírò ìyẹn fún ẹ.

Ti kọ́sítọ́mà tó bá pẹ́ kó tó san ńkọ́? Bi báńkì kí wọ́n jẹ́ kó o gba owó ẹ ní ọjọ́ tó bá wù ẹ́ láàárín ọjọ́ 90 sí 120, réètì ẹ̀ á fi díẹ̀ burú sí i, àmọ́ ó sàn ju kó o máa wá dọ́là tí ò sí lọ́wọ́ ẹ káàkiri láti fi pé kọ́ńtírààtì. Kọ ohun tí wọ́n bá sọ nípa sípọ́ọ̀tù àti pọ́íntì síbí, mo máa bá ẹ ṣírò ẹ̀.