Gbogbo wa la pé lé e lórí, kò sẹ́ni tó mira

"Ẹ̀yin ará, lánàá ni wọ́n na ọmọ kan lójú mi lọ́jà, wọ́n ní ó jí fóònù. Mo mọ̀ pé kò dáa, síbẹ̀ mo dúró bí òpó. Ṣé ojo ni mí ni?"

Èmi náà ti dúró bẹ́ẹ̀ rí, ní gáréèjì kan ní Adó-Èkìtì tí mo ti ń ta káàdì fóònù. Wọ́n ní ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì kan yọ owó lápò èrò. Àwa tá a pé lé e lórí á tó ọgbọ̀n. Mo wo ìyá tó ń ta bọ̀ọ̀lì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ojú ẹ̀ tutù, mo ní bóyá ó mọ ohun tí mi ò mọ̀. Ìgbà tó yá ló sọ fún mi pé ojú tèmi lòun ń wò.

Ní 1968, àwọn onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá méjì, Darley àti Latané, dán irú ẹ̀ wò nílùú Amẹ́ríkà. Wọ́n fi akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan sí yàrá tiẹ̀, kí wọ́n máa fi ẹ̀rọ bára wọn sọ̀rọ̀. Láìpẹ́, ohùn ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í dà bí ti ẹni tí wárápá mú. Nínú àwọn tó rò pé àwọn nìkan ló ń gbọ́, ìdá 85 nínú 100 jáde wá olùrànlọ́wọ́ kí ohùn náà tó dákẹ́. Nínú àwọn tó rò pé ẹni mẹ́rin mìíràn ń gbọ́, ìdá 31 péré. Kì í ṣe ọ̀dájú o: ọwọ́ àwọn tó jókòó ń gbọ̀n, wọ́n sì ń béèrè bóyá nǹkan ò ṣe ẹni náà.

Ti gáréèjì tún ní ẹnu ayé nínú. Oníbàárà mi ló mú bẹ́líìtì lọ́wọ́. Kì í ṣe ìyà ni mò ń bẹ̀rù, "ṣé ẹ jọ ń jalè ni?" ni mò ń sá fún.

Nígbà tí irú ẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mi ò sọ pé kí wọ́n fi í sílẹ̀. Mo bi olówó léèrè: "Ẹ̀gbọ́n, èló lowó yín? Àpò wo ló wà?" Bó ṣe ń wá àpò, ọwọ́ dẹ̀ díẹ̀. Mo na ìka sí ìyá oníbọ̀ọ̀lì: "Mà, ẹ bá mi pe alága gáréèjì." Mo kọjú sí ọlọ́kadà kan: "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dé fìlà pupa, ẹ pe 112." Ká ní "ẹ gbà wá o" lásán ni mo ké, kálukú ì bá máa wo ẹnìkejì ẹ̀. Ìyá dìde, àwọn méjì tẹ̀ lé e, alága sì dé.

Àmọ́ àbàrá àti bẹ́líìtì ló ṣì wà nílẹ̀ nígbà yẹn. Bẹ́ ẹ bá rí i pé ẹnì kan ti ń yí táyà bọ̀, ẹ má wọ àárín wọn. Ẹ sún sẹ́yìn kẹ́ ẹ pe ọlọ́pàá.

Oníbàárà mi ò kí mi fún oṣù méjì gbáko. Ọ̀dọ̀ ọmọ òdìkejì títì ló ti ń ra káàdì báyìí.