Bí a ṣe ń yọ ẹni tó ń kọjá kúrò lẹ́yìn gèlè àti fọ́nrán ìborùn nínú fọ́tò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mo ya obìnrin kan ní Pópó Àgùdà ní Èkó, níwájú ilé àtijọ́ kan tí ọ̀dà ògiri rẹ̀ ti ṣá. Aṣọ òkè aláwọ̀ òwú ló fi wé gèlè, òun náà ló sì fi ṣe ìborùn. Ọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì pupa gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Orí rẹ̀ kan etí gèlè, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì ń hàn láàárín àwọn fọ́nrán òwú tó ń fì létí ìborùn. Gbogbo ìgbà tí mo bá fi Photoshop yọ ọ́, etí gèlè á dà bí ohun tó yọ́, fọ́nrán òwú á sì pòórá. Báwo ni kí n ṣe é?

Ìdáhùn: Ohun tó mú etí gèlè yọ́ ni pé iṣẹ́ méjì ni ẹ gbé lé irinṣẹ́ kan ṣoṣo lọ́wọ́. Ẹ ní kí ó fi ògiri bo ọkùnrin náà, ẹ sì tún ní kí ó mọ ibi tí gèlè parí sí. Irinṣẹ́ tó ń dí àlàfo kò mọ gèlè yàtọ̀ sí ògiri. Ohun tó bá yí àlàfo náà ká ló máa ń ṣà nínú rẹ̀, bí gèlè bá sì wà níbẹ̀, yóò ṣà nínú gèlè pẹ̀lú. Nítorí náà, ẹ ya iṣẹ́ méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹ gbé obìnrin náà sórí léyà tirẹ̀, kí ẹ tún ògiri ṣe lábẹ́ rẹ̀ láìbìkítà fún etí gèlè rárá, kí ẹ sì jẹ́ kí obìnrin náà bo ibi tí ògiri tuntun bá ti wọ inú ara rẹ̀.

Oríire yín ni pé ẹ̀yìn ni ọkùnrin náà gbà. Bó bá jẹ́ pé iwájú ló gbà ni, apá gèlè tó bá bò mọ́lẹ̀ kò sí nínú fọ́tò yẹn mọ́, àfi kí ẹ wá a nínú fọ́tò mìíràn tí ẹ yà ní ìdúró kan náà.

Ẹ ṣe ẹ̀dà fọ́tò náà pẹ̀lú `Ctrl+J`, kí ẹ sì fi máàskì sí ẹ̀dà yìí, nítorí òun ni yóò di léyà obìnrin náà. Ibi tó bá funfun nínú máàskì máa ń hàn, ibi tó bá dúdú máa ń fara pamọ́. Ohun kan wà níbí tí kì í tètè hàn sí ọ̀pọ̀ ènìyàn: kò pọn dandan kí ẹ gé gbogbo ara obìnrin náà dáadáa. Fọ́tò àkọ́kọ́ ṣì wà lábẹ́ ẹ̀dà náà, ó sì bá a mu ní gbogbo ibi tí ẹ kò bá fọwọ́ kàn. Kìkì ibi tí ara obìnrin náà ti pàdé ọkùnrin yẹn ni máàskì ti gbọ́dọ̀ péye. Nínú fọ́tò bíi tiyín, ìyẹn ni ẹ̀gbẹ́ kan gèlè àti bí ìbú ọwọ́ kan lára etí ìborùn.

Etí méjèèjì yìí kò gba ìlò kan náà. Gèlè aṣọ òkè máa ń le, etí rẹ̀ sì mú bíi ti bébà tí a ṣẹ́ po, nítorí náà `Pen Tool` ni mo máa ń lò fún un. Ẹ fẹ fọ́tò náà dé ìdá igba nínú ọgọ́rùn-ún (200%), kí ẹ fa ìlà náà tẹ̀lé ìṣẹ́po gèlè kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kí ẹ fà á sínú gèlè pẹ̀lú píksẹ́lì kan. Ìdí rẹ̀ ni pé píksẹ́lì tó wà létí gan-an kì í ṣe gèlè lásán. Àdàlù gèlè àti ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni, bí ẹ bá sì kó o mọ́ gèlè, ọkùnrin tí ẹ lé lọ ti fi ìlà pupa sílẹ̀ fún yín. Nígbà tí ẹ bá ń sọ ìlà náà di ibi tí a yàn, ẹ fi `Feather Radius` sí 0.5, kí ẹ wá fi dúdú bo ọkùnrin náà níta ìlà yẹn nínú máàskì. Bí apá kan gèlè bá ti jìnnà sí ibi tí lẹ́ńsì mú dáadáa, etí rẹ̀ yóò rọ̀ ju ti iwájú lọ. Ẹ wo iye píksẹ́lì tí àwọ̀ fi ń yí padà níbẹ̀, kí ẹ fi `Blur Tool` mú máàskì náà rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Etí tó mú níbi tí gbogbo ohun tó kù ti rọ̀ ló máa ń jẹ́ kí ènìyàn dà bí ohun tí a gé lẹ̀ mọ́ ògiri.

Ti fọ́nrán òwú yàtọ̀ pátápátá. Mo ti rí ẹni tó fi odindi ọ̀sán kan fa ìlà yí fọ́nrán kọ̀ọ̀kan ká, tó sì jẹ́ pé ẹnu ìgbálẹ̀ ló kù sí i lọ́wọ́. Ṣẹ́ẹ̀tì pupa tó ń bí yín nínú yìí gan-an ni yóò gbà yín. Ẹ ṣí `Channels`, kí ẹ wo `Red`, `Green` àti `Blue` lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú `Red`, ṣẹ́ẹ̀tì àti òwú ni wọ́n jọ mọ́lẹ̀, nítorí náà kò wúlò fún wa. Nínú `Green`, ṣẹ́ẹ̀tì pupa ṣókùnkùn, òwú sì mọ́lẹ̀ gedegbe lórí rẹ̀: máàskì tí ẹ fẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yà ara rẹ̀ tán. Ẹ ṣe ẹ̀dà `Green`, kí ẹ tẹ `Ctrl+L` láti ṣí `Levels`, kí ẹ fa ẹ̀gbẹ́ dúdú wọlé títí ṣẹ́ẹ̀tì yóò fi di dúdú, kí ẹ sì fa ẹ̀gbẹ́ funfun títí òwú yóò fi di funfun. Ẹ má fà á dópin. Fọ́nrán tó tín-ín-rín jù máa ń jẹ́ eérú, bí ẹ bá sì fi ipá sọ eérú náà di dúdú, òwú yóò já ní ojú mẹ́ta mẹ́rin. Lẹ́yìn èyí, ẹ di `Ctrl` mú kí ẹ tẹ àwòrán kékeré ẹ̀dà náà, ibi tí a yàn yóò sì jáde. Ẹ padà sí máàskì obìnrin náà, kí ẹ rí i pé agbègbè fọ́nrán dúdú níbẹ̀, kí ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì funfun kun agbègbè yẹn nìkan. Ọ̀nà yìí dá lórí pé àwọ̀ méjèèjì jìnnà síra. Bó bá jẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì funfun ni ọkùnrin náà wọ̀, kò sí ṣánẹ́ẹ̀lì tí yóò yà wọ́n, ẹ ó sì ní láti fi búrọ́ọ̀ṣì oníwọ̀n píksẹ́lì kan tàbí méjì ya fọ́nrán tuntun, tàbí kí ẹ ṣe ẹ̀dà fọ́nrán láti ibi tí ọkùnrin náà kò dé.

Ó wá kan ògiri. Bí ẹ bá ní fọ́tò mìíràn tí ẹ yà láti ojú kan náà lẹ́yìn tí ọkùnrin náà ti kọjá, òun ni kí ẹ lò, bí obìnrin náà tilẹ̀ ti yí padà nínú rẹ̀. Ẹ gbé e wọlé, kí ẹ fi `Edit > Auto-Align Layers` tò wọ́n bára mu, kí ẹ sì mú ògiri nìkan nínú rẹ̀. Ògiri gidi sàn ju èyí tí a rò lọ. Bí kò bá sí, ẹ tẹ àmì ojú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ léyà obìnrin náà kí ó fara pamọ́ fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ padà sórí fọ́tò àkọ́kọ́, kí ẹ yan ọkùnrin náà pátá, kí ẹ sì jẹ́ kí ibi tí ẹ yàn wọ inú gèlè àti ìborùn tó bí ogún píksẹ́lì. Ẹ rántí pé etí tí ẹ ń gé mọ́ ọn yìí kò ní hàn. Léyà obìnrin náà yóò bò ó. Nínú `Edit > Content-Aware Fill`, àwọ̀ ewé ló ń fi ibi tí a ó ti ṣà hàn. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì pa àwọ̀ ewé náà rẹ́ kúrò lórí gbogbo ara obìnrin náà, kí ó má baà di pé gèlè hù lára ògiri, kí ẹ sì yan `New Layer` níbi `Output To`.

Àwọn ilé tí àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé kọ́ sábà máa ń ní iṣẹ́ ọnà símẹ́ńtì tó yọ síta yí fèrèsé ká, ibẹ̀ ni irinṣẹ́ yìí sì ti máa ń kọsẹ̀. Ẹ fi `Clone Stamp` parí rẹ̀, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìlà iṣẹ́ ọnà tó ṣì wà, kí ìlà lè bá ìlà pàdé. Ìdánwò tó máa ń mú ènìyàn ni láti ṣe ẹ̀dà apá kejì fèrèsé kí a sì yí i sódì. Ẹ wo oòrùn kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ọwọ́ òsì wá, òjìji iṣẹ́ ọnà náà á bọ́ sí ọ̀tún. Èyí tí ẹ yí sódì yóò ní òjìji ní òsì, ohun tó yọ síta yóò sì dà bí ohun tó rì sínú ògiri.

Nígbà tí ẹ bá ṣí léyà obìnrin náà padà, ẹ ó rí i pé àwọn fọ́nrán kan ṣì pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, àti pé etí gèlè tó kọjú sí ọkùnrin náà náà pọ́n, pàápàá bí aṣọ òkè yín bá ní òwú tó ń dán, nítorí ó ti gba àwọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì sára. `Select and Mask` ní `Decontaminate Colors` fún irú èyí, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni mo fẹ́ràn láti fi ṣe é, nítorí irinṣẹ́ yẹn kì í mọ ibi tó yẹ kó dúró. Ẹ fi léyà òfìfo kan sókè obìnrin náà, kí ẹ so ó mọ́ ọn pẹ̀lú `Create Clipping Mask`, kí ẹ yí `Blending Mode` rẹ̀ sí `Color`, kí ẹ mú àwọ̀ láti inú gèlè, ní bí píksẹ́lì mẹ́wàá sí etí, kí ẹ sì rọra kun ibi tó pọ́n pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tí `Opacity` rẹ̀ jẹ́ 30%. `Color` ń yí àwọ̀ padà, kì í yí ìmọ́lẹ̀ padà. Bí pupa bá lọ tán tí ìlà dúdú tín-ín-rín kan sì kù, ẹ fi `Clone Stamp` tí ẹ yí sí `Lighten` fa aṣọ tó wà nínú bò ó lórí.

Láti mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà péye, ẹ fi àwọ̀ kan tó ń ké rara sí àárín obìnrin náà àti ògiri, kí ẹ wo etí rẹ̀ yí ká. Ihò tàbí ìdọ̀tí inú máàskì yóò jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ mú un kúrò, kí ẹ wá fi `Curves` kan tó le gan-an sókè gbogbo rẹ̀. Bí ojú ògiri tuntun kò bá ní hóró wẹ́wẹ́ kan náà pẹ̀lú ti àtijọ́, yóò hàn bí aṣọ tí a lẹ̀. Ẹ fi `Add Noise` díẹ̀ sí i títí yóò fi bá a mu. Kí ẹ tó pa `Curves` yẹn rẹ́, ẹ wo ilẹ̀. Òjìji ọkùnrin náà lè ṣì nà sílẹ̀ níbẹ̀, tàbí kó gun ẹsẹ̀ ìró obìnrin náà, mo sì ti rí iṣẹ́ tó mọ́ tónítóní lókè tí òjìji tí kò lólúwa ń rìn nísàlẹ̀ rẹ̀.

Bí ẹ bá ní in lọ́kàn láti fi fọ́tò yìí du ẹ̀bùn World Press Photo, èyí tí ọkùnrin náà ṣì wà nínú rẹ̀ ni kí ẹ fi ránṣẹ́, nítorí òfin wọn kò gba kí a yọ ohunkóhun tó wà nínú fọ́tò tàbí kí a fi kún un.