Ẹ yọ ilé ẹrù àti ẹni tó kó ọjà wá kúrò nínú SKU yín

Ìbéèrè: “Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará, bàtà àti báàgì ni mò ń tà lórí ayélujára. Ilé ẹrù méjì ni mo ní, ọ̀kan l'Ákùúrẹ́, ọ̀kan l'Ékòó, èèyàn mẹ́ta ló sì ń kó ọjà fún mi. Báwo ni mo ṣe máa kọ SKU, kóòdù tá a fi ń dá ọjà kọ̀ọ̀kan mọ̀, tí gbogbo ẹ̀ á fi hàn nínú ẹ̀?”

Àǹtí, ẹ dúró ná. “Kí gbogbo ẹ̀ hàn nínú ẹ̀” yẹn gan-an ló kó mi sí wàhálà. Àdìrẹ lèmi ń tà, búbù àti káfútáànì, mo ní ilé ẹrù n'Íbàdàn, mo ní òmíràn ní Yábà, aláàdìrẹ mẹ́ta ló ń ṣe é fún mi l'Ábẹ́òkúta. Ní 2021 mo sanwó fún ọ̀gbẹ́ni kan tó ní iṣẹ́ òun nìyẹn, ọ̀gbẹ́ni tí ò tíì dúró ka aṣọ nínú sítọ́ọ̀ rí láyé ẹ̀, òun ló gbé èyí fún mi:

```
IB-AL2-BUB-FLW-BLU-XL
```

IB ni Ìbàdàn, AL2 ni aláàdìrẹ kejì, ìyókù ni búbù, bátánì, àwọ̀ àti sáísì. Ó wù mí nígbà yẹn, mo tún ń fi han èèyàn.

Kò pé oṣù méjì tá a fi kó búbù méjìlá láti Ìbàdàn lọ Yábà. Kí la wá fẹ́ ṣe IB tó wà lára ẹ̀? Àwọn ọmọ tó wà ní Yábà tẹ lébẹ́ẹ̀lì tuntun, wọ́n sọ ọ́ di LG. Bó ṣe di pé búbù kan ṣoṣo ní ojú ìwé méjì lórí wẹ́bùsáìtì nìyẹn, ọ̀kan ń sọ pé ọjà ti tán, kọ́sítọ́mà wò ó ó bá tiẹ̀ lọ, méjìlá sì wà lórí híńgà ní Yábà. Èyí ṣì kéré.

Èyí tó dùn mí jù ni ti aláàdìrẹ. AL2 yẹn, ìyá àgbàlagbà kan ni, bátánì òdòdó yẹn òun ló kọ́kọ́ ṣe é fún mi. Nígbà tí iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ ìyá, mo gbé bátánì kan náà fún aláàdìrẹ kẹta. Tá a bá fẹ́ tẹ̀ lé òfin ọ̀gbẹ́ni yẹn, ọjà tuntun gbọ́dọ̀ jẹ́ AL3, ìyẹn ni pé ká tún ya fọ́tò, ká tún kọ gbogbo ẹ̀ sórí wẹ́bùsáìtì bí ẹni pé ọjà míì ni. Ta ló fẹ́ ṣe ìyẹn lásìkò ọdún? Ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ lẹ lébẹ́ẹ̀lì AL2 mọ́ ọn, ó ní ṣebí aṣọ kan náà ni. Mi ò tiẹ̀ lè bá a wí, òótọ́ ló sọ, aṣọ kan náà ni lójú ẹni tó ń rà á. Ló bá di pé aṣọ ń ṣí. Kọ́sítọ́mà kan n'Ílọrin ya fọ́tò ṣìmí funfun ẹ̀ tó ti di búlúù látọrùn dé abíyá, ó fi ránṣẹ́ sí mi láàárọ̀ Sunday. Lọ́sẹ̀ yẹn, irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ mẹ́rin dé. Mo wo kóòdù, AL2. Mo pe ìyá lórí fóònù, mo sọ ọ̀rọ̀ tí ò yẹ kí n sọ sí àgbàlagbà, mo ní mi ò rajà lọ́wọ́ ẹ̀ mọ́. Ìyá ò bínú, ó ní kí n gbé aṣọ wá kóun fojú rí i. Ó tẹ́ ẹ sórí itan, ó na ìka sí òdòdó, ó ní fóòmù tóun fi ń tẹ ìda ti gé létí kan, gbogbo òdòdó òun ló máa ń ní ewé kan tó kúrú, ewé eléyìí pé pérépéré, ọwọ́ òun kọ́. Èmi tí mo ní kóòdù gígùn, fóòmù ìyá ló bá mi mọ ẹni tó ṣe aṣọ.

Ohun tí mò ń ṣe báyìí: ohun tí kọ́sítọ́mà lè fojú rí kó sì yàn nìkan ló ń wọ SKU. Irú ọjà pẹ̀lú nọ́ńbà bátánì, àwọ̀, sáísì, ó parí. Ibi tọ́jà wà ní àyè tiẹ̀. Ẹni tó kó o wá náà, nọ́ńbà ẹrù ló ń gbé e, gbogbo ìgbà tí ẹrù bá wọlé ló ń gba nọ́ńbà tuntun, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹni àná ló tún kó o wá.

```
SKU            ILE   ERU    IYE
BUB14-BLU-XL   IB    R073   9
BUB14-BLU-XL   YB    R073   4
BUB14-BLU-XL   YB    R081   6
```

Wẹ́bùsáìtì ń rí SKU kan, ó ń rí mọ́kàndínlógún. Tí mo bá kó mẹ́ta láti Ìbàdàn lọ Yábà, 9 á di 6, 4 á di 7, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan lébẹ́ẹ̀lì. Nínú ìwé míì ni mo kọ ọ́ sí pé R081 ti ọwọ́ ta ni wá, ọjọ́ wo, iye tí mo rà á. Bí aṣọ bá ṣí lónìí, nọ́ńbà ẹrù ni mo máa wò, tó bá jẹ́ R081, mẹ́fà yẹn nìkan ni mo máa sọ kalẹ̀, mẹ́tàlá tó kù á máa tà lọ.

Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ẹrù gbọ́dọ̀ wà lára ọjà fúnra ẹ̀ o, kì í ṣe lára ọ̀rá. Ọ̀rá ni mo kọ́kọ́ kọ ọ́ sí, kọ́sítọ́mà jù ú nù. Báyìí téèpù kékeré la ń rán mọ́ ìránpọ̀ ẹ̀gbẹ́ nínú. Ẹni tó ń di ọjà gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ ọ́dà kó tó lẹ̀ ẹ́ pa, torí ọ̀pọ̀ wẹ́bùsáìtì ìtajà ò ní àyè fún un. Ọjọ́ tó bá gbàgbé, ẹ ò lè mọ ẹrù tó lọ mọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún Excel náà. Àbúrò mi tó ń ta bàtà kọ àwọ̀ àti sáísì sínú àpótí kan, `MAR-42`, ìyẹn maróònù sáísì 42, Excel sọ ọ́ di oṣù kẹta ọdún 1942. Nọ́ńbà tó bá fi òdo bẹ̀rẹ̀, á jẹ òdo yẹn. `2E14` á di nọ́ńbà gbọọrọ. Ẹ sọ àpótí yẹn di Text kí ẹ tó tẹ ohunkóhun sí i, tó bá ti yí i padà tán kò ṣeé dá padà. Ẹ má lo O àti I nínú SKU rárá, wọ́n jọ òdo àti oókan jù.

Bàtà tiyín: `SND07-MAR-42` ti tó. Kóòdù tí ẹ bá ti pa tì, ẹ má gbé e fún ọjà míì láé, ẹni tó rà á lọ́dún tó kọjá lè dá a padà lọ́la.

Ibì kan wà tí ẹni tó kó ọjà wá lè yí SKU padà. Tí sáńdà Abá àti ti China bá jọra lójú ṣùgbọ́n tí 42 ti China kéré sí 42 ti Abá, kọ́sítọ́mà ti mọ ìyàtọ̀ ẹ̀ lẹ́sẹ̀, ọjà méjì nìyẹn, ọ̀kan SND07, ìkejì SND08. Ẹrù tuntun bá dé, ẹ mú ẹnì kan tí ẹsẹ̀ ẹ̀ jẹ́ 42, kó wọ méjèèjì wò kí ẹ tó tẹ lébẹ́ẹ̀lì.