Ọ̀rọ̀ tí Don Rafael ò lè sọ

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìtumọ̀ àṣà yìí nínú àwọn síríìsì tí kì í tán, pé ibi tó bá ti gbóná gan-an ni wọ́n á gé e sí, ìjà ẹbí ni ṣáá, ẹni tí wọ́n sì ti sin á tún padà dé?"

Ẹ kú ìbéèrè o. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ́ẹ kà yẹn, ohun kan náà ni wọ́n lójú tèmi, àṣírí ni gbogbo ẹ̀ dá lé. Ọ̀rọ̀ kan á wà nílẹ̀ táwa tá à ń wò ti mọ̀, ẹni tó yẹ kó mọ̀ nínú eré ò ní mọ̀, àwọn tọ́rọ̀ ọ̀hún kàn ò sì ní lè fi ara wọn sílẹ̀. Ẹ jẹ́ n fi eré kan ṣàlàyé ẹ̀, torí òun ni mo kà sí ìyá gbogbo tẹlinofẹ́là tá a wò dàgbà.

Ọdún 1948 ni, ní Havana, lórílẹ̀-èdè Kúbà. Tẹlifíṣọ̀n ò tíì débẹ̀ nígbà yẹn, rédíò ni wọ́n ń gbọ́. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Félix B. Caignet kọ eré kan fún iléeṣẹ́ rédíò CMQ, ó pè é ní El derecho de nacer, ìyẹn ẹ̀tọ́ pé kí wọ́n bíni sáyé. Ọmọ olówó kan, María Elena, lóyún nígbà tí ò tíì lọ́kọ. Bàbá ẹ̀, Don Rafael del Junco, agbéraga èèyàn, ó ní ìtìjú ńlá ni, nígbà tí wọ́n bí ọmọ náà tán ó ní kí ẹnì kan lọ pa á. Obìnrin aláwọ̀ dúdú tó ń ṣọmọ nínú ilé wọn, Mamá Dolores, ló gbé ọmọ jòjòló yẹn sá lọ, tó tọ́ ọ bí ọmọ tiẹ̀, tó jìyà lórí ẹ̀ títí ọmọ fi di dókítà. Albertico Limonta lorúkọ dókítà yìí, kò sì mọ ibi tó ti wá.

Ó wá dọjọ́ kan, Don Rafael fẹ́ kú, ó nílò ẹ̀jẹ̀, ni dókítà kan tí ò mọ̀ ọ́n rí bá fún un ní ẹ̀jẹ̀ ara ẹ̀. Ọmọ-ọmọ ẹ̀ tó ní kí wọ́n pa yẹn ni! Nígbà tí bàbá wá gbọ́ òótọ́ ọ̀rọ̀, àyà ẹ̀ já, àìsàn kọlù ú, ohùn ẹ̀ lọ. Ẹ wo ọkùnrin yẹn lórí bẹ́ẹ̀dì, òun ló mọ̀ pé dókítà yìí lọmọ tí ọmọ òun ń sunkún ẹ̀ láti ọjọ́ yìí, ó la ẹnu, gbogbo ilé sún mọ́ ọn, ó kàn ń mí hẹlẹ, kò sóhun tó jáde, orin á sì dún, ó tún dọ̀la. Báyìí ni wọ́n ṣe ṣe é lọ́jọ́ tó pọ̀, gbogbo Kúbà ń béèrè pé ìgbà wo ni Don Rafael máa sọ̀rọ̀. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé òṣèré tó ń ṣe Don Rafael ló ní kí wọ́n fowó kún owó òun, Caignet ò bá a jà, ó kàn gba ohùn lẹ́nu ẹ̀ nínú eré, àṣé ibẹ̀ gan-an ni eré máa ti dùn jù. Apá 314 ni eré náà gùn tó.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kíyè sí níbẹ̀ rèé. Caignet ò fi nǹkan kan pamọ́ fún àwọn tó ń gbọ́, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n mọ̀. Àwọn míì rò pé kéèyàn fi nǹkan pamọ́ fún òǹwòran ló ń mú un padà wá lọ́la, bẹ́ẹ̀ kọ́. Tá ò bá mọ ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ìyanu lásán ni, ó pẹ́ jù ìṣẹ́jú márùn-ún a ti gbàgbé. Ṣùgbọ́n tá a bá mọ̀, tó jẹ́ Albertico ló ń wọlé bọ̀ wá kí ìyá tó bí i láìmọ̀, ara ò ní gbà wá, a máa fẹ́ fà á wọlé ká pariwo fún un. Mo rántí ìyá kan ládùúgbò wa láwọn ọdún 1990, nígbà tí tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ wa ń gbé tàwọn Mẹ́síkò jáde, ó máa ń na ọmọrogùn sí tẹlifíṣọ̀n pé "ọmọ ẹ nìyẹn o, ọmọ ẹ nìyẹn!", àmàlà á sì máa di kókó lórí iná.

Owó sì wà nídìí ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà láwọn ọdún 1930, àwọn tó ń ṣe ọṣẹ, irú bíi Procter & Gamble, ló ń sanwó eré orí rédíò tí àwọn ìyàwó ilé ń gbọ́ lọ́sàn-án, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní eré ọlọ́ṣẹ. Oníṣòwò ọṣẹ ò ní kẹ́ ẹ gbádùn tòní kẹ́ ẹ sì máa lọ, ó fẹ́ kẹ́ ẹ wà níbẹ̀ lọ́la tó máa tún polówó. Nígbà tó jẹ́ Mọ́ńdè sí Fúráìdè ni eré ń wá, ti Fúráìdè ló máa ń le jù, torí ó gbọ́dọ̀ gbé èèyàn kọjá ọjọ́ méjì tí ò ní sí eré. Ẹ sì máa mọ èyí tí ò dáa. Tí wọ́n bá fi ìbọn parí tòní, tó wá di pé ẹyẹ ni wọ́n yìn ín sí lọ́la, wọ́n ti jẹ gbèsè, tí wọ́n bá ṣe é lẹ́ẹ̀mejì ẹnikẹ́ni ò ní bẹ̀rù ìbọn wọn mọ́.

Tẹbí wá ńkọ́? Tí ọ̀rẹ́ bá ṣẹ̀ yín, ẹ lè má lọ kí i mọ́, eré parí nìyẹn. Bàbá ẹni ò ṣeé fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo Dallas, eré tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1978, ìdílé Ewing àti Barnes ti ń bínú síra wọn látìgbà tí Jock Ewing àti Digger Barnes ti jọ ń wa epo, tí wọ́n sì jọ nífẹ̀ẹ́ obìnrin kan náà. Apá àkọ́kọ́ pàá, Bobby ọmọ Ewing gbé Pam ọmọ Barnes wọlé níyàwó! Wọ́n kó o wá sílé kan náà pẹ̀lú J.R., ẹ̀gbọ́n Bobby, tí kò fẹ́ rí i, wọ́n jọ ń jẹun àárọ̀. Àwa tá a mọ agbo ilé mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbi báyìí, tí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Òǹkọ̀wé ò tún nílò àtiwá ìdí tí wọ́n á fi pàdé, àárọ̀ ló ń kó wọn pàdé.

Ẹni tó padà dé ló le jù láti ṣe. Albertico ò tiẹ̀ kú, wọ́n kàn rò pé ó kú ni, ìpadàbọ̀ ẹ̀ sì ti wà nínú ìtàn látọjọ́ tí Mamá Dolores ti gbé e sá, ìdí nìyẹn tó fi wọni lára, ẹni tó dẹ́ṣẹ̀ ló wá dojú kọ ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀. Ti Bobby Ewing yàtọ̀. Lọ́dún 1985, Patrick Duffy tó ń ṣe é fẹ́ kúrò, wọ́n fi mọ́tò pa á, wọ́n sunkún ẹ̀, wọ́n sin ín. Àwọn tó ń wò wá ń dínkù, wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó padà wá, ni May 1986 Pam bá jí, ó ṣílẹ̀kùn ilé ìwẹ̀, Bobby ló ń wẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní gbogbo ọdún yẹn, àlá ni Pam ń lá. Ká tiẹ̀ ní akúdàáyà ni, à bá gbà, akúdàáyà ní ìdí tó fi ń rìn. Àlá ò ní ìdí kankan, gbogbo ẹkún tí èèyàn sun láti oṣù wọ̀nyẹn di òfo. Inú bí mi sí i nígbà tí mo wò ó, ó sì ń bí mi dòní.

Ìṣòro tó tún fà ni pé Dallas ní eré kan tó bí, Knots Landing, ibẹ̀ ni Gary ẹ̀gbọ́n Bobby ń gbé. Àwọn tọ̀hún ti ṣọ̀fọ̀ Bobby, ikú ẹ̀ ti yí nǹkan padà nínú ìtàn tiwọn, wọn ò sì gbà láti sọ ọ́ di àlá. Bí Bobby ṣe wà láàyè ní Dallas, tó sì jẹ́ òkú ní Knots Landing nìyẹn, ó sì wá ṣòro kí eré méjèèjì bá ara wọn pàdé.