Ohun tó yí padà nínú sláìdì sáfè wa: Minna àti WGS84

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. A ti rí sláìdì tuntun tí ẹ fi ránṣẹ́. Nínú ti àtijọ́, "UTM Zone 31" nìkan ló wà níbẹ̀. Nínú ti tuntun, ẹ ti fi Minna àti WGS84 kún un, ìdáhùn iṣẹ́ àṣetiléwá sì ti yàtọ̀. Ṣé nọ́mbà tí a fi GPS kà ní Ìkòròdú níbí kò wúlò mọ́ ni? Èwo ni ká kà fún ìdánwò?
— Aṣojú kíláàsì

Ìdáhùn:

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, mo kí yín o.

Nọ́mbà yín wúlò dáadáa. Ohun tí mo ṣe ni pé kò sí kọ́dínéètì kankan nínú sláìdì wa mọ́ tí orúkọ dátọ́ọ̀mù rẹ̀ kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Dátọ́ọ̀mù ni ibi tí ìwọ̀n ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìrísí ayé tí a fi ṣírò rẹ̀; Minna jẹ́ ọ̀kan, WGS84 jẹ́ òmíràn. Ìyẹn ló fa gbogbo àyípadà yòókù tí ẹ rí. Sóònù 31 kàn ń sọ pé ilẹ̀ náà wà láàárín ìlà 0° sí 6° ní ìhà ìlà oòrùn, àti pé ìlà 3° ni a fún ní 500,000 mítà. Kò sọ ibi tí ìwọ̀n ti bẹ̀rẹ̀. Kò sì sọ bí ayé ṣe tóbi tó lójú ẹni tó ṣírò rẹ̀.

Èyí tí àwọn sáféyọ̀ ilẹ̀ wa ti ń lò láti ayébáyé ni Minna. Orí òpó kan tí wọ́n ń pè ní L40, nítòsí ìlú Minna, ni ìwọ̀n náà ti bẹ̀rẹ̀, ìrísí ayé tí wọ́n sì fi ṣírò rẹ̀ ni Clarke 1880. Ẹ̀rọ GPS kò mọ òpó yẹn rí. WGS84 ni tirẹ̀, àárín gbùngbùn ayé ló sì ti ń wọn tirẹ̀ bọ̀. Ayé ti Clarke fi 112 mítà fẹ̀ ju ti WGS84 lọ, láti àárín ayé dé ìlà tó pín ayé sí méjì. Bí ẹni méjì bá ń ka ilé ládùúgbò, tí ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọjà, tí èkejì bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu géètì mọ́ṣáláṣí, ilé kan náà lè jẹ́ ìkẹwàá fún ọ̀kan, kó jẹ́ ìkẹrìnlá fún èkejì, kò sì sí èyí tó purọ́ nínú wọn.

Ẹ jẹ́ ká wo àpẹẹrẹ tó wà nínú sláìdì náà. Ẹ dúró sórí ilẹ̀ kan láàárín ìlú Ìkòròdú, ẹ̀rọ ọwọ́ yín kọ E 555300, N 732050. Ní Minna, ibi kan náà gan-an yóò jẹ́ bíi E 555388, N 731931. E fi nǹkan bíi 88 mítà lé sí i, N fi nǹkan bíi 119 mítà dín. Bí ẹ bá so méjèèjì pọ̀, ó sún mọ́ 148 mítà. Pulọ́ọ̀tì wa níbí, ẹsẹ̀ bàtà 60 ní ojú títì, jẹ́ mítà méjìdínlógún àti díẹ̀. Nítorí náà, pulọ́ọ̀tì mẹ́jọ tó tò tẹ̀léra wọn ni ẹ ti fò kọjá, láìgbé ẹsẹ̀.

Ẹni tó ń ṣe ṣáàtíìnì fún oníbàárà, ìyẹn wíwò bóyá ilẹ̀ kan bọ́ sínú ilẹ̀ ìjọba, ni èyí máa ń dun jù. Bí àwòrán ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà bá wà lórí Minna, tí ẹ sì lẹ nọ́mbà GPS mọ́ ọn bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ tó wà nínú ilẹ̀ ìjọba lè hàn bí ilẹ̀ tó mọ́. Oníbàárà yóò san owó, yóò fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, ẹ̀bi yóò sì wá di tiyín.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé dátọ́ọ̀mù ló fa wàhálà? Ẹ wo ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀. Gígùn ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan péye, béárìnì péye, ìwọ̀n ilẹ̀ péye, àmọ́ gbogbo rẹ̀ jọ ṣí lọ sí ìhà kan náà. Bí nọ́mbà GPS bá wà lórí máàpù Minna, àríwá tó tẹ̀ sí ìwọ̀ oòrùn ló máa ṣí sí. Bí ẹ bá tẹ nọ́mbà pílánnù Minna sínú máàpù fóònù, gúúsù tó tẹ̀ sí ìlà oòrùn ló máa lọ. Ẹni tó ṣe tirẹ̀ létí omi ní Ẹ̀bùté lè rí òpó ààlà rẹ̀ nínú ọ̀sà, ìyẹn á tètè fura. Ẹni tó ṣe tirẹ̀ láàárín ilé, níbi tí òrùlé jọ òrùlé, ni mo ń bẹ̀rù fún, torí kò sí ohun tó máa ta á lólobó.

Àwọn nọ́mbà mẹ́ta tó wà nínú sláìdì tuntun, −92, −93 àti 122, ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Mítà ni wọ́n, wọ́n sì ń gbé Minna lọ sí WGS84. Orí X, Y àti Z, tí a ń wọn láti àárín ayé, ni a ti ń lò wọ́n. Ẹ má fi −92 kún E, ẹ má sì fi −93 kún N. Bí ẹ bá sì ń ti WGS84 bọ̀ sí Minna, àmì wọn á yí padà. Ẹni tó bá gbàgbé àmì náà kò kàn ní padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Àṣìṣe rẹ̀ á lé ní 300 mítà. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí kọ̀ǹpútà ṣe é fún yín:

```
cs2cs +proj=utm +zone=31 +datum=WGS84 \
  +to +proj=utm +zone=31 +ellps=clrk80 \
  +towgs84=-92,-93,122
```

Ẹ tẹ `555300 732050`, kí ẹ wo bóyá èsì yín sún mọ́ tèmi. Nínú QGIS, `EPSG:32631` ni ti GPS, `EPSG:26331` ni ti Minna. Ṣùgbọ́n oríṣiríṣi ọ̀nà ni wọ́n ti ṣe láti ti Minna dé WGS84, bí QGIS bá sì bi yín léèrè èyí tí ẹ fẹ́, ẹ má kàn tẹ OK. Ẹ wá èyí tó ní nọ́mbà mẹ́ta wa yìí.

Ó níbi tí agbára rẹ̀ mọ o. Nọ́mbà mẹ́ta fún gbogbo Nàìjíríà kò lè bá gbogbo àdúgbò mu dé sẹ̀ntímítà. Ó lè ṣì í ní mítà mélòó kan, ẹ̀rọ ọwọ́ náà sì ní àṣìṣe tirẹ̀. Ó tó láti mọ̀ bóyá ilẹ̀ kan wà nínú ilẹ̀ ìjọba tàbí kò sí níbẹ̀, bí kò bá ti sún mọ́ ààlà. Kò tó láti fi ri òpó ààlà mọ́lẹ̀. Fún ìyẹn, ẹ gbé ẹ̀rọ tó péye lọ sórí òpó ìjọba tí a ti mọ kọ́dínéètì Minna rẹ̀, kí ẹ sì ti ibẹ̀ wọn iṣẹ́ yín.

Sláìdì Nigeria West Belt, ètò kọ́dínéètì mìíràn tó yàtọ̀ sí UTM, wà bó ṣe wà. Lórí rẹ̀, E Ìkòròdú kéré gan-an, nǹkan bíi 120,000, nítorí náà kò sẹ́ni tó máa ṣì í mú fún UTM.

Fún ìdánwò, ti tuntun ni kí ẹ kà. Ẹni tó ti fi iṣẹ́ àṣetiléwá sílẹ̀ kò ní láti padà sórí pápá. Kó ṣí ẹ̀rọ rẹ̀, kó wo ohun tí wọ́n kọ síwájú Map Datum, kó kọ ọ́ sókè tébù rẹ̀, kó wá fi ìlà Minna kún abẹ́ ìlà WGS84 fún òpó kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá sì rí i pé Minna ni wọ́n ti yàn sínú ẹ̀rọ náà tẹ́lẹ̀, ẹ má yí i padà lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, màá gbà á.